Ọjọ́ Méjìlá Tí Kò Dún

Ọjọ́ kejìdínlógún lẹ́yìn tí Bàbá wa kú, mo gbé àpótí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ kí n lè rí ohun tí màá fi dá àbúrò mi lẹ́bi.

Àpótí náà kò ju àwo ọṣẹ lọ. Àwa la ń ṣe é níbi iṣẹ́ wa. Ọrùn sílíńdà ọ́síjìn la máa ń so ó mọ́, kó lè máa ṣọ́ afẹ́fẹ́ tó ń gba inú rọ́bà lọ sí imú aláìsàn. Bí afẹ́fẹ́ bá dínkù, iná pupa kan á máa ṣẹ́jú, bọ́sà inú rẹ̀, ohun tó ń pariwo, á sì ké débi tí ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé máa gbọ́. Èmi ni mo kọ kóòdù, àṣẹ tó ń darí rẹ̀, sínú ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Bàbá máa ń fi yangàn fún àwọn àlejò: "Ọmọ mi obìnrin ló ń ṣọ́ mi lọ́sàn-án lóru, kò sì gba owó oṣù."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú, àbúrò mi ló wà nílé pẹ̀lú rẹ̀. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ Bàbá. Nígbà tó fi máa wọlé, rọ́bà ti yọ lẹ́nu sílíńdà, Bàbá sì ti lọ. Ohun kan ṣoṣo tí àbúrò mi ń sọ láti ọjọ́ náà ni pé àpótí kò dún.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàbá wa, yí sí mi lójú gbogbo èèyàn. Ó ní, "Ìwọ lo ṣe é. Ṣé nǹkan yìí lè má dún?"

Mo ní, "Kò lè má dún."

Ẹyin lohùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nígbà yẹn mi ò mọ̀ pé ohunkóhun bọ́ lọ́wọ́ mi. Màmá kò pariwo. Ó kàn dìde, ó wọ yàrá, ó kó aṣọ àbúrò mi sínú báàgì, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Ó wá mú àpótí náà lórí tábìlì, ó jù ú sí mi lẹ́sẹ̀. "Mú nǹkan yìí kúrò níwájú mi."

Àbúrò mi lọ ń sùn nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń lẹ táyà. Ó ṣì ń pè, ó ṣì ń sọ pé kò dún. Ọ̀rọ̀ náà sú Bàbá Àgbà. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ ni ìparí ọ̀rọ̀, ó sì ní kí n mú ìwé wá. "Ṣé àpótí yín kì í kọ ohun tó bá ṣe sílẹ̀ ni? Tẹ̀ ẹ́ jáde. Bó bá dún, kó kúrò nílé yìí títí ayé. Bí kò bá dún, ká tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́. Ọjọ́bọ̀ ni mo gbé e lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí ó ṣe rí lára mi, torí àwọn èèyàn ń wojú mi bí ẹni tó ń wo ìkòkò lórí iná. Kò sí ohun tó ń ṣe mí. Mi ò sunkún níbi ìsìnkú, mi ò sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Èmi ò rò pé mò ń làágùn kankan. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń fọ eyín. Inú mi rí bí ètè lẹ́yìn tí dókítà eyín bá ti gún èèyàn ní abẹ́rẹ́: èèyàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá gé e jẹ kò ní mọ̀.

Yàrá iṣẹ́ wa kò tóbi. Tábìlì mẹ́ta, fèrèsé kan, fáànù tó ń mi orí bí ẹni tó ń kọ nǹkan. Èèyàn mẹ́ta la jẹ́: Ọ̀gá, èmi, tí wọ́n ń pè ní Oníwáyà, àti Ìyá Olójé, tó ń fi òjé jó nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù, pátákó tí ṣíìpù ń jókòó lé, láti ìgbà tí mo ṣì wà nílé ìwé. Ọwọ́ ìyá yìí kì í gbọ̀n. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Ọ̀nà tí a ń gbà bá ṣíìpù sọ̀rọ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Púróòbù kan wà, ó kéré bí ìṣáná. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lọ sí kọ̀ǹpútà. Láti ẹ̀gbẹ́ kejì ni wáyà ti jáde lọ sí bọ́ọ̀dù. Àwọn ṣíìpù kan wà tí wáyà mẹ́rin tàbí márùn-ún ń bá sọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní JTAG. Tiwa, méjì péré ló nílò: wáyà kan fún ọ̀rọ̀, wáyà kan fún aago tó ń ka ìṣísẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó kù ni wáyà ilẹ̀, àti wáyà kan tí púróòbù fi ń wo bí iná bọ́ọ̀dù ṣe ga tó. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń kọ kóòdù sínú ṣíìpù, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kà á, ibẹ̀ ni mo ti lè dá a dúró lójú ìrìn kí n bi í pé kí ló ń ṣe.

Mo tú ìdérí àpótí, mo so wáyà mẹ́rin, mo tẹ bọ́tìnì. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí ṣíìpù kankan.

Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni, a sì ní bí a ṣe ń tọ̀ ọ́. Ṣé kọ̀ǹpútà rí púróòbù fúnra rẹ̀? Ó rí i, nọ́ńbà rẹ̀ hàn. Ṣé bọ́ọ̀dù ní iná? Mo wo ojú kọ̀ǹpútà: òdo. Àṣìṣe tó ń tini lójú: àbúrò mi ti yọ bátìrì lọ́jọ́ tí Bàbá kú, mi ò sì dá a padà. Púróòbù wa kì í fún bọ́ọ̀dù ní iná. Ńṣe ló kàn ń wò bóyá iná wà. Mo fi bátìrì tuntun sí i. Iná pupa kékeré ṣẹ́jú, ó parẹ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ó tún ṣẹ́jú. Kọ̀ǹpútà ní iná bọ́ọ̀dù ti pé. Mo tẹ bọ́tìnì. Kò rí ṣíìpù kankan.

"Ó ti pa ilẹ̀kùn mọ́ ẹ lójú," Ìyá Olójé sọ láti tábìlì rẹ̀, kò sì gbójú sókè. "Ṣé kì í ṣe pé o gbé wáyà ọ̀rọ̀ sí ibi aago?"

"Mi ò gbé e síbẹ̀, mà."

"Ọ̀mọ̀wé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àbí? Lọ wò ó."

Mo lọ wò ó. Mo fi mítà tẹ̀ lé wáyà kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí, mítà ń ké fún mi pé ó ṣe geere. Wáyà ilẹ̀ dára. Wáyà aago dára. Wáyà ọ̀rọ̀ ń ké, ó ń dákẹ́, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Ó ti já nínú rọ́bà rẹ̀. Mo sọ ọ́ nù, mo fi òmíràn sí i. Mo rò pé òun ni. Òun kọ́. Kò rí ṣíìpù kankan.

Mo dín ìyára kù, torí wáyà tó gùn máa ń da ọ̀rọ̀ rú bí ọ̀rọ̀ bá ń sáré. Mo dín in kù títí ó fi ń wọ́ bí ìgbín. Kò rí. Mo wo ètò kọ̀ǹpútà wò bóyá mo ti ṣèèṣì fi í sí JTAG. Ètò wáyà méjì ló wà níbẹ̀. Mo wá mú bọ́ọ̀dù mìíràn láti inú páálí, irú kan náà, tí kò tíì ní kóòdù kankan nínú. Mo so ó mọ́ wáyà kan náà, mọ́ púróòbù kan náà. Kíá, ó dáhùn. Ó sọ orúkọ ara rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe wáyà, kò sí ohun tó ṣe púróòbù. Ohun tó kù ni bọ́ọ̀dù Bàbá, tàbí ohun tó wà nínú bọ́ọ̀dù Bàbá.

Ọ̀gá wá dúró sí ẹ̀yìn mi. Èèyàn dáadáa ni. Láti ìgbà ìsìnkú ló ti ń sọ̀rọ̀ sí mi bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. "Oníwáyà, má da ara rẹ láàmú. Nù ún pátá, kó o tún un kọ. Òun la máa ń ṣe."

Òótọ́ ni, òun la máa ń ṣe. Bọ́tìnì kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣí ṣíìpù tó bá ṣagídí, àmọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ nù, láti orí dé ìdí. Ó dára fún bọ́ọ̀dù tí a fẹ́ tà. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí Bàbá kú wà nínú ti èyí, nínú ṣíìpù kan náà tí kóòdù wà.

Mo ní, "Bí mo bá nù ún, sà, ẹ̀rí náà máa bá a lọ."

Ó ní, "Háà. Má fọwọ́ kàn án o." Ó sì gbé ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ lè ṣèèṣì nù ún.

Ìyá Olójé ti dìde. Ó tẹ ojú mọ́ bọ́ọ̀dù lábẹ́ gíláàsì rẹ̀. "Wáyà mélòó lo so?"

"Mẹ́rin."

"Rísẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

Okùn wa kò ní wáyà rísẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń dá ṣíìpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀. A yọ ọ́ kúrò lọ́dún tó kọjá kí okùn lè tẹ́ẹ́rẹ́. A ò tíì nílò rẹ̀ rí.

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni ó wí, ó sì ti ń mú irin rẹ̀ gbóná. "Jẹ́ n bá ẹ fi irun kan so ó. Bí ṣíìpù bá ń sá fún ẹ lẹ́yìn tó ti jí, mú un kó tó jí."

Ó jó wáyà kan mọ́ ojú rísẹ́ẹ̀tì, kò nípọn ju irun lọ. Mo so orí kejì rẹ̀ mọ́ púróòbù. Mo yí ètò kọ̀ǹpútà padà: kí púróòbù di rísẹ́ẹ̀tì mú, kí ó so mọ́ ṣíìpù nígbà tí ṣíìpù kò tíì lè ṣe nǹkan kan, kí ó sì dá a dúró kó tó ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú kóòdù mi. Mo tẹ bọ́tìnì.

Ó dáhùn.

Ìyá Olójé pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ṣé o rí i? Gbogbo ọlọ́gbọ́n ló ní ibi tó ti ń sùn."

Mo rẹ́rìn-ín, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ka gbogbo inú ṣíìpù jáde kí n tó ṣe ohunkóhun, mo pa á mọ́ sí ibi méjì. Mo wá ṣí àkọsílẹ̀.

Ó wà níbẹ̀. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú méje: afẹ́fẹ́ kò tó, bọ́sà ń dún. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ: afẹ́fẹ́ kò sí; bọ́sà ń dún. Ìlà kan fún ìṣẹ́jú kan, títí di aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nígbà tí àbúrò mi wọlé, tó yọ bátìrì. Ọgọ́rin ìlà, gbogbo wọn ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Bọ́sà ń dún, bọ́sà ń dún.

Bí mo bá sọ pé ó dùn mí, irọ́ ni. Bí mo bá sọ pé inú mi dùn, irọ́ ni. Mo kàn rò pé: ó ti parí. Mo rò pé ọmọdé yẹn jókòó sẹ́yìnkùlé, ó fi nǹkan dí etí, ó ń gbọ́ orin, nǹkan mi sì ń ké lórí Bàbá fún wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ojú ewé méjì.

A ní àṣà kan níbi iṣẹ́ wa tí Ọ̀gá kì í fi ṣeré. Ìwé ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà tí à ń pè ní Ìwé Ìdí. Bí bọ́ọ̀dù bá kọ̀ láti dáhùn, tí a sì wá borí rẹ̀, a ò gbọdọ̀ gbé e kúrò lórí tábìlì láìkọ ìdí tó fi kọ̀ sínú ìwé náà. Ọ̀gá máa ń sọ pé ìṣòro tó lọ fúnra rẹ̀ mọ ọ̀nà padà. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkú ló ni bọ́ọ̀dù, ó nawọ́ bírò sí mi. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó nà án.

Mo ronú. Kò gbà mí ní àkókò. Kóòdù tuntun ni. Bàbá ti ń ráhùn pé bátìrì kì í pẹ́, pé gbogbo ọjọ́ mẹ́ta lòun ń rán àbúrò mi lọ ra òmíràn. Nítorí náà mo tún kóòdù náà kọ, kí ṣíìpù lè máa sùn, kó máa jí ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá láti wo afẹ́fẹ́, kó tún sùn. Ẹsẹ̀ ṣíìpù, ìyẹn irin wẹ́wẹ́ tó fi ń bá ìta sọ̀rọ̀, máa ń fi iná bátìrì ṣòfò bó bá ṣí sílẹ̀ lójú oorun, nítorí náà mo ní kó ti gbogbo wọn pa kó tó sùn. Àwọn ẹsẹ̀ méjì tí púróòbù ń bá sọ̀rọ̀ wà lára wọn. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáhùn: ó ti ilẹ̀kùn, ó sùn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: *Kóòdù ti gbogbo ẹsẹ̀ pa kó tó sùn, ti púróòbù pẹ̀lú. So rísẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn.* Mo fọwọ́ sí i.

Ìyá Olójé ń ka ìwé tí mo tẹ̀. Kì í ṣe àyọnusọ. Nígbà tí Bàbá wà láàyè ó máa ń fi oyin ránṣẹ́ sí i. Ó ṣí ojú ewé kejì, ó fi ìka sí ìdí rẹ̀.

"Kí ni ti ìsàlẹ̀ yìí, tí aago rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo?"

"Ti òní ni, mà. Nígbà tí mo fi bátìrì tuntun sí i, aago rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

"Afẹ́fẹ́ kò sí?"

"Kò sí sílíńdà lórí tábìlì. Kò sí afẹ́fẹ́ tó máa rí."

"Ó ní bọ́sà ń dún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó yọ gíláàsì rẹ̀. "Oníwáyà, láti àárọ̀ ni mo ti wà nínú yàrá yìí."

Fáànù ń mi orí. Lórí tábìlì mi, iná pupa ṣẹ́jú, nítorí mo ti tú ṣíìpù sílẹ̀ kó máa lọ. Mo ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ó tún ṣẹ́jú. Ó yẹ kí ó máa ké débi tí a ò ní lè gbọ́ ara wa. Láti òwúrọ̀ ló ti yẹ kó máa ké. Ojú mi ti rí iná náà ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, etí mi kò sì béèrè ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá ní, "Bóyá bọ́sà ló bàjẹ́." Ó fẹ́ kó jẹ́ bọ́sà. Mo mọ̀ ọ́n lára ohùn rẹ̀.

Mo fi iná kan bọ́sà ní tààràtà. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Olójé fi di etí. Kò sí ohun tó ṣe bọ́sà.

Mo tún di ṣíìpù mú lábẹ́ rísẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí ó dúró gẹ́lẹ́ níbi tó ti fẹ́ ti àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ pa. Nígbà tó dúró, mo yí nọ́ńbà tó dì mọ́wọ́ padà, kí ó ti gbogbo wọn àfi méjì tèmi, kí ó má bàa já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé bó bá sùn, kí ó jẹ́ kí n máa rí i. Mo tú u sílẹ̀. Ó sùn, ó jí, ó wo afẹ́fẹ́, kò rí i. Ó kọ ìlà kan sínú àkọsílẹ̀: bọ́sà ń dún. Níbẹ̀ ni mo ti dá a dúró, tí mo wá lọ wo ẹsẹ̀ bọ́sà.

Ó ṣì wà ní títì. Kóòdù mi ti pàṣẹ pé kó tan, àṣẹ náà wà níbẹ̀, mo rí i. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó yẹ kó mú àṣẹ náà jáde, kò sí ẹni tó ṣí i. Mo wo ibi tí mo ti kọ ọ́ pé bó bá jí kí ó ṣí àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ti ohun tó ń wo afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Ti iná pupa wà níbẹ̀. Apá kejì ṣíìpù ni bọ́sà wà, mo sì gbàgbé apá kejì. Ìlà kan ni. Ìlà kan péré.

Ẹ óò ní ṣé mi ò dán an wò ni. Mo dán an wò. Ìgbà ogún ni mo dán an wò, ó sì dún nígbà ogún. Àmọ́ oorun ṣíìpù máa ń já púróòbù gbà lọ́wọ́ mi, nítorí náà mo ti kọ ọ́ sínú ti ìdánwò pé kó má sùn. Ohun tí kò sùn kò ní láti ṣí ẹsẹ̀ kankan. Nígbà tí ìdánwò parí, mo gba oorun láyè, mo kọ ọ́ sínú àpótí Bàbá, kọ̀ǹpútà ní ó ti wọlé, mo yọ wáyà, mo gbé e lọ sílé. Bí mo bá wà níbẹ̀ tí mò ń wò ó, ó ń dún. Mi ò dúró gbọ́ ọ rí nígbà tí kò sí wáyà lára rẹ̀. Àpótí Bàbá ni mo kọ́kọ́ fi kóòdù náà sí, kí n tó fi sí ti àwọn oníbàárà, kí ó lè kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀.

Ìyá Olójé béèrè pé, "Ọjọ́ wo lo gbé e fún un?"

Mo kà á. Ọjọ́ méjìlá kó tó kú.

Ẹ wò ó, tẹ́lẹ̀, àpótí yẹn kì í ṣe ọjọ́ méjì kó má ké. Bàbá á yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, á fi ara tẹ rọ́bà, á ké, ẹnì kan á sáré lọ. Nínú ọjọ́ méjìlá yẹn, kò ké rárá. Màmá dúpẹ́. Bàbá Àgbà ní oògùn tuntun ti ń ṣiṣẹ́. Èmi fúnra mi jókòó lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ fún Bàbá pé, "Ẹ ò rí i? Ara yín ti ń yá. Kò dún mọ́." Ó fi ọwọ́ tẹ àpótí náà, ó rẹ́rìn-ín. Inú gbogbo wa ló dùn.

Ọ̀gá ti lọ dúró níwájú páálí àpótí àwọn oníbàárà tí a fẹ́ kó jáde lọ́jọ́ Ajé, ó ń fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pa kí ẹnikẹ́ni má bàa kó o lọ. Mo padà sí Ìwé Ìdí, mo fi ìlà kan kún ohun tí mo kọ: *Ti bọ́sà pẹ̀lú.* Mo fọwọ́ sí i.

Ojú ewé méjì náà ṣì wà lórí tábìlì. Ó péye, kò sí irọ́ tí ẹnikẹ́ni máa rí nínú rẹ̀. Bí mo bá gbé e fún Bàbá Àgbà bó ṣe wà, kò sí ẹnì kan nínú ẹbí wa tó lè bi mí ní ìbéèrè kejì. Mo rò ó. Mi ò ní sọ pé mi ò rò ó. Mo dúró tì í fún ìgbà díẹ̀, mo ń rò ó bí ẹni ń ronú lórí ọ̀nà tó yá jù délé. Lẹ́yìn náà ni mo ká a, mo fi sínú báàgì pẹ̀lú àpótí, mo ní mò ń lọ. Ìyá Olójé tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ́ dì mọ́ mi, mo jẹ́ kó dì mọ́ mi.

Ọ̀sán ṣì ga nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù táyà. Àbúrò mi jókòó sórí táyà kan, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Ó ti rù. Ó dìde bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ sínú òróró dúdú tó dà sílẹ̀ níbẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ ti rí ìwé yẹn?"

"Dìde."

"Ẹ má dá ara yín láàmú nípa Sátidé," ó sọ, ó sì ń sọ ọ́ kíákíá, bí ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ sórí. "Mo ti rò ó. Màá sọ fún wọn pé mo gbọ́ ọ."

"O gbọ́ kí ni?"

"Pé ó dún. Màá ní mo gbọ́ ọ, mo rò pé ó máa dákẹ́, mi ò tètè wọlé. Bí mo bá jẹ́wọ́, bóyá Màmá á jẹ́ kí n máa wá kí òun." Ó wo ilẹ̀. "Àti pé bóyá òótọ́ tiẹ̀ ni, Àǹtí. Mo ti ń gbọ́ ọ báyìí. Bí mo bá ti dùbúlẹ̀, màá máa gbọ́ ọ. Ẹ̀yin náà ní kò lè má dún. Ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ó dún."

Mo fẹ́ sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ sínú Ìwé Ìdí, pẹ̀lú oorun ṣíìpù àti ẹsẹ̀ tó wà ní títì. Kò jáde bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Kò dún."

Ó gbójú sókè.

"Kò dún rárá. Èmi ni mo bà á jẹ́. Kò sí ohun tí o lè gbọ́."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà, ó yọ́ kẹ́lẹ́ jáde. Àbúrò mi jókòó padà sórí táyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, bí ọmọ kékeré. Omijé rẹ̀ ń gba inú òróró ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Tèmi kò wá.

Ó ní, "Ẹ tún un sọ."

Mo jókòó tì í, mo sì tún un sọ.